Ìlà Iye Owó Nínú Ímeèlì Agbọ̀n Ẹ̀bùn Ọdún

Ẹni tó ń ta agbọ̀n ẹ̀bùn ọdún fún iléeṣẹ́ l'Ékòó, tó wá dúró dìgbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kọ ímeèlì, ẹ̀pà ò bóró mọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í dá ọjà rà. Ó máa ń gba iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà méjì mẹ́ta, kí ẹ̀ka ìṣúná tó fọwọ́ sí i. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kó ti rí ímeèlì náà.

Ìlà iye owó ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ kan fẹ́ 120 agbọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦45,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦5,400,000. Owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìdá 7.5 nínú 100, tún jẹ́ ₦405,000 lórí ìyẹn. Bí ímeèlì ò bá sọ pé owó orí ò sí nínú ₦45,000, ẹni tó ń sanwó á ní ó wà níbẹ̀, èrè ọlọ́jà á sì wọmi.

Ẹ má sì kọ “ìrẹsì” lásán. Ẹ kọ “ìrẹsì kílò márùn-ún”, kẹ́ ẹ dárúkọ irú rẹ̀. Nítorí pé ó lè wọ́n sí i kí ọdún tó dé, ẹ fi ọjọ́ sí iye náà: “Iye yìí dúró di November 15 fún ẹni tó bá ti san ìdá 70.” Àwọn kan máa ń kọ “títí ọjà á fi tán”. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Akọ̀wé owó wo ló máa fìyẹn gbàṣẹ?

Tí wáìnì bá wà níbẹ̀, ẹ fi agbọ̀n kejì tó jẹ́ júùsì sí i, iye kan náà, fáwọn tí kì í mutí.