Sláìdì mẹ́tàlá níwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò

Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ ní yunifásítì Nàìjíríà, ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n máa ń fún un láti fi gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè ló kù. Ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ náà lè wà níwájú àwọn olùyẹ̀wò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ti kà á tán. Ohun tí wọ́n rí lára ògiri níbi tí purojẹ́tọ̀ tànmọ́lẹ̀ sí ni púpọ̀ nínú wọn yóò bá yẹ iṣẹ́ náà wò. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan tó ń hàn níbẹ̀ ni à ń pè ní sláìdì. Mẹ́tàlá tó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá kó ọgbọ̀n wá yóò máa sáré kọjá lórí wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ìlú Àkúrẹ́, ṣe àpótí ìsákòkó tó ń lo ooru oòrùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà, níbi tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló kàn án kan kòkó.

Sláìdì kìíní kò gba àlàyé: àkọlé iṣẹ́, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀, orúkọ alábòójútó rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ àti oṣù tí wọ́n wà. Kó má ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ìgbìmọ̀ mọ ìwé kà.

Sláìdì kejì ni ìṣòro. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kòkó láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì ti lọ. Ìṣòro tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn tí kòkó bá ti kan tán, omi tó wà nínú hóró rẹ̀ máa ń tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi náà kò bá wálẹ̀ sí bí ìdá 7, tó sì ṣẹ́kù ju ìdá 8 lọ, èébu yóò bo kòkó náà nínú àpò. Àgbẹ̀ tó sá a sórí ẹní lásìkò òjò a máa kó o wọlé, kó o síta, títí ọjọ́ á fi pọ̀ jù. Ó tán. Ìgbìmọ̀ ti mọ ohun tó ń dùn àgbẹ̀ náà, wọ́n sì ti mọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dé: ìdá 7.

Sláìdì kẹta, ti èròńgbà, ni ọ̀pá ẹ̀yìn gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni mo sì máa dúró lé lórí jù. Èròńgbà tí wọ́n kọ lọ́nà tí kò ṣeé wọ̀n ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà níwájú ìgbìmọ̀. "Láti mú kí sísá kòkó rọrùn fún àgbẹ̀": báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti rọrùn? Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kó ṣe ìṣirò àti àwòrán àpótí tó lè gbẹ kílò 10 kòkó láti ìdá 55 sí ìdá 7 láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èkejì, kó kọ́ ọ pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n ń tà ní ọjà Àkúrẹ́. Ẹ̀kẹta, kó dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere. Láti ibí yìí lọ, sláìdì yòówù tó bá fẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ dáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. Èyí tí kò bá dáhùn sí ìkankan, kó yọ ọ́. Bí èròńgbà kan bá sì wà tí kò ní sláìdì tó dáhùn sí i, ibẹ̀ gan-an ni àwọn olùyẹ̀wò yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn.

Sláìdì kẹrin, iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú, kò gbọdọ̀ di àkójọ orúkọ àti ọdún. Iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fara pẹ́ tirẹ̀ ti tó, nínú tábìlì kan: ta ló ṣe é, kòkó mélòó ló gbẹ, ọjọ́ mélòó ló gbà, kí ló kù díẹ̀ káàtó. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì náà ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Sláìdì karùn-ún ni àwòrán ẹ̀rọ, ọ̀kan ṣoṣo, tó tóbi, tí ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Àpótí agboòrùn wà nísàlẹ̀: gíláàsì lókè, páànù tí wọ́n kùn ní dúdú lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀, ó ń gbóná, ó ń gòkè gba àárín àtẹ kòkó, ó sì ń gba òpó atẹ́gùn jáde lókè. Kó fi ọfà tọ ipa afẹ́fẹ́ náà. Bí ó bá kọ ọ́ pé àpótí náà dagun ní bíi digirí 17 tó sì kọjú sí gúúsù, kó mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọ́n máa bi í: Àkúrẹ́ wà ní bí ìwọ̀n digirí 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí sì sábà máa ń fi bí 10 kún un.

Sláìdì kẹfà ni ìṣirò. Kó má kó gbogbo fọ́múlà inú ìwé rẹ̀ wá. Èyí tó bí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà nìkan ni kó gbé wá, bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tó gbọ́dọ̀ jáde:

```
W = M(m1 - m2) / (1 - m2)
W = 10(0.55 - 0.07) / (1 - 0.07) = 5.16 kg
```

Èyí fi hàn pé nínú kílò 10, omi tó lé ní kílò 5 ló gbọ́dọ̀ lọ. Láti sọ kílò omi kan di oruku ń gba agbára tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì iná, irú yúníìtì tí à ń rà sí mítà ilé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi yúníìtì 3.45. Oòrùn Àkúrẹ́ ń gbé bíi yúníìtì 4.5 wá lójúmọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Bí a bá gbà pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ péré ni ẹ̀rọ náà máa lò dáadáa, yúníìtì 0.9 ló kù lójúmọ́, 3.6 ní ọjọ́ mẹ́rin. Pín 3.45 sí 3.6, ìdáhùn súnmọ́ 1. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì rẹ̀ fi jẹ́ mítà onígun mẹ́rin kan. Olùyẹ̀wò tó bá tẹ̀ lé e dé ibí yìí ti mọ̀ pé kò dédé gé pákó.

Kó sì múra sílẹ̀ de ìbéèrè kan: "Níbo lo ti rí ìdá 20 yẹn?" Ìdáhùn tó dára ni pé, "Sà, mo fojú dá a ni, láti inú àwọn iṣẹ́ tó wà ní sláìdì kẹrin. Ìdánwò mi ló máa sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀."

Sláìdì keje ni fọ́tò kíkọ́ ẹ̀rọ náà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí òun fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀kan ó kéré tán. Àwọn olùyẹ̀wò mọ̀ pé àwọn kan ń gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà kó bá wọn ṣe é tán, wọ́n sì máa bi í léèrè ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ dé.

Sláìdì kẹjọ ni ọ̀nà ìdánwò, òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbàgbé. Wọ́n á ti orí fọ́tò fò bọ́ sórí èsì. Olùyẹ̀wò fẹ́ mọ̀ pé kòkó tó wọ àpótí àti èyí tó wà lórí ẹní wá láti inú apẹ̀rẹ̀ kan náà, pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ irú òṣùwọ̀n tó lò. Bí ó bá ń wọn gíráàmù 200 kòkó lórí òṣùwọ̀n tí kò lè mọ ohun tó kéré sí gíráàmù 50, gbogbo èsì rẹ̀ ti wó lulẹ̀: gíráàmù 200 kì í ku ju 97 lọ nígbà tó bá gbẹ tán, ìyẹn kò ju ìṣísẹ̀ méjì lórí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Sláìdì kẹsàn-án ni gíráàfù: ọjọ́ nísàlẹ̀, ìwọ̀n omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà kan fún àpótí, ìlà kan fún ẹní, àti ìlà gbọọrọ kan ní ìdá 7 tó fi ibi tí à ń lọ hàn. Ká ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, kílò 10 inú àpótí ti di 5.1. Kílò 4.5 nínú rẹ̀ ni hóró gan-an tí kò ní omi, nítorí náà omi tó kù jẹ́ ìdá 12. Ti orí ẹní ṣì wọn kílò 6.2, ìyẹn ìdá 27. Ọjọ́ karùn-ún ni ti inú àpótí tó dé ìdá 7.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ náà ju ẹní lọ, ṣùgbọ́n kò bá èròńgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kọ, ọjọ́ márùn-ún ló gbà. Ìdánwò tó le jù nínú gbogbo sláìdì nìyí, nítorí ó lè padà sí sláìdì kẹta kó sọ mẹ́rin di márùn-ún. Kó má ṣe é. Kó kọ ọ́ gbàgàdà sábẹ́ gíráàfù náà pé ọjọ́ kan ló fi pẹ́, kó wá jẹ́ kí sláìdì kẹwàá sọ ìdí.

Sláìdì kẹwàá ni ooru inú àpótí lójoojúmọ́. Ká ní ó máa ń dé 52°C lọ́sàn-án, àyàfi ọjọ́ kejì tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, tí kò kọjá 38°C. Ìdí rèé, nọ́ńbà ló sì fi sọ ọ́. Sláìdì yìí kan náà ló máa dáhùn fún olùyẹ̀wò tó mọ kòkó, tó bá bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè yára. Kòkó tí ooru rẹ̀ kọjá bíi 60°C, tó yára gbẹ jù, máa ń há kíkan mọ́nú, adùn rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Sláìdì kọkànlá ni iye owó, tábìlì kékeré kan pẹ̀lú oṣù tó ra ọjà náà, nítorí iye owó kì í dúró sójú kan. Sláìdì kejìlá ni ìparí: èròńgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀tún, àti àbá kan ṣoṣo, bíi kí wọ́n sọ gíláàsì di mítà onígun mẹ́rin 1.3 nítorí ọjọ́ kùrukùru. Sláìdì kẹtàlá ni ìwé tó lò, èyí tí kò ní kà jáde.

Lẹ́yìn rẹ̀, kó fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pamọ́ tí kò ní fi hàn àfi bí wọ́n bá béèrè: ìṣirò yòókù, tábìlì gbogbo nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀, àwòrán tó kún rẹ́rẹ́. Kó tọ́jú gbogbo rẹ̀ ní PDF pẹ̀lú, nítorí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn lè yí lẹ́tà àti gíráàfù rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiyín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sláìdì kẹta kí ẹ tó kọ èyíkéyìí, kí ẹ sì gbé e tọ alábòójútó yín lọ kí ẹ tó ra páànù.