Ṣíṣe Àtẹ Ìfiwéra fún Àwọn Tíọ́rì Sàíkọ́lọ́jì: Àpẹẹrẹ Àárẹ̀-Ọpọlọ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àìlera tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó ti ìwé, orí rẹ̀ yóò máa gbóná, tàbí kí ó máa ṣe é bí ẹni pé nǹkan ń rìn níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yóò ṣe bàìbàì. Ohun tí ó ń kà kò ní í yé e, èyí tí ó sì yé e kò ní í dúró sí i lórí. Àárẹ̀-ọpọlọ ni orúkọ tí a óò lò fún un níhìn-ín. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á, àti lórí bóyá ó tilẹ̀ tọ́ kí a kà á sí àìsàn kan pàtó.

Kí a sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìkùn-Àkókó, ń kọ́ ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá-Àkókó, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí ó ka ìwé márùn-ún lórí àárẹ̀-ọpọlọ, kí ó sì fi ohun tí ó rí sínú àtẹ ìfiwéra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọn a fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Tíọ́rì ni a fẹ́ fi wéra, kì í ṣe ìwé. Bí ìwé kan bá ń sọ ohun tí Prince wí fún àwọn tí kò ka Prince, ẹ̀rí kan náà ni, kì í ṣe ẹ̀rí kejì. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a tọ ọ̀rọ̀ náà lọ sí orísun rẹ̀: bí ìwé mẹ́ta bá padà sí àpilẹ̀kọ ọdún 1960, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bákan náà, àgbéyẹ̀wò tí Ọlá, Mórákínyọ̀ àti Adéwùyà ṣe ní ọdún 2009 kì í ṣe tíọ́rì tuntun. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó kó jọ. Àárín àwọn ìlà yòókù ni a ó pín àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí.

Òpó ni ó kàn, èyí ni àwọn àpótí tí ó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òpó tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé, òun ni ìbéèrè tí tíọ́rì kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Prince ń béèrè ìdí tí àárẹ̀ náà fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ará Yúróòpù, tí ó ní kí olúkúlùkù dá jókòó kí ó sì dá gbé ẹrù rẹ̀, kò bá ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú àjọṣe mu. Mórákínyọ̀, ní ọdún 1980, ń béèrè bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara: ẹni tí ìtara àṣeyọrí gbé wọ̀ ń dín oorun kù, ó ń lo ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ara rẹ̀ sì ń san gbèsè rẹ̀. Jẹ́gẹ́dẹ́, ní ọdún 1983, ń béèrè bóyá àìsàn kan pàtó ni, ó sì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn àìlera mìíràn, bí àníyàn àpọ̀jù, ni a kó sábẹ́ orúkọ kan. Ayọ̀nrìndé, Obuaya àti Adéyẹmí, ní ọdún 2015, ń béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, níbi tí wọ́n ti ń fi í pe àárẹ̀ àwọn tí ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́.

Bí a bá ti kọ ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀, a óò rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń bá ara wọn jà. Prince àti Mórákínyọ̀ lè tọ̀nà pọ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ ń ni lára náà ni ó lè máa ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n ìjà gidi wà láàárín Prince àti àwọn ti ọdún 2015. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà àjọṣe ilẹ̀ wa ni ó fà á, kí ni ó ń ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Àtẹ tí kò ní òpó ìbéèrè kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Àkọlé òpó méjì tí ó kẹ́yìn gba ìṣọ́ra. Bí a bá kọ *ìwúlò* fún ohun tí ó gbe tíọ́rì, a ó da nǹkan méjì pọ̀. Tíọ́rì Jẹ́gẹ́dẹ́ wúlò fún aláìsàn, nítorí pé ìtọ́jú wà fún àníyàn àpọ̀jù. Ṣùgbọ́n ìwúlò kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni. *Ìtìlẹ́yìn* sàn jù. Ní ìdà kejì, *àléébù* ń sọ pé àbùkù wà lára tíọ́rì, a sì ti dájọ́ nìyẹn. *Àtakò* ń sọ pé ẹnì kan tako ó, a sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó rò ó, kí ó kọ "olùṣàtẹ" síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú ìwé ni ó ti rí i.

| Tíọ́rì | Ìbéèrè | Ìtìlẹ́yìn | Àtakò |
|---|---|---|---|
| Prince, 1960 | Kí ni ó fà á? | Ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ | Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí |
| Mórákínyọ̀, 1980 | Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? | A lè dán an wò: kí a wo oorun | Olùṣàtẹ: àìsùn ha ṣáájú, àbí àìlóye ìwé ni ó fa àìsùn? |
| Jẹ́gẹ́dẹ́, 1983 | Ṣé àìsàn kan ni? | Àmì rẹ̀ jọ ti àwọn àìlera tí a ti mọ̀ | Olùṣàtẹ: kí ló dé tí ó fi jẹ́ orí àti ìwé ni ó ń mú? |
| Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, 2015 | Níbo ni orúkọ ti wá? | Àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì | Olùṣàtẹ: orúkọ lè kú kí ìrora má kú |

Àpótí tí a kò bá rí ohun kọ sí, kí a fi í sílẹ̀ ní òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ dí i nítorí kí àtẹ rẹ̀ lè gún ni ó máa ń fi àtakò sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí kò ní ìlà nínú àtẹ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti fi í ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1994, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ ti Amẹ́ríkà fi àárẹ̀-ọpọlọ sínú ìwé atọ́ka àìsàn wọn, ẹ̀dà kẹrin, láàárín àwọn àìlera tí ó bá àṣà kan rìn. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ọdún 2013, kò ní àkọlé tirẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ kufungisísà, èyí tí àwọn Ṣónà ní Sìmbábúwè fi ń pe ríronú jù. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ni èyí, kì í ṣe tíọ́rì. Ìsàlẹ̀ àtẹ ni ó yẹ kí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọdún méjèèjì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ ń gbóná ní òru ìdánwò kò mọ ẹ̀dà tí oníṣègùn rẹ̀ kà.