Ìwé Alágbàtà Tí Kò Ní Ká Rà, Tí Kò Sì Ní Ká Tà

Ní Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n, níbi tí ọjà ìpín ilẹ̀ Nàìjíríà fi ṣe ibùjókòó, àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà ìpín a máa ní òṣìṣẹ́ kan tí kì í rà, tí kì í sì í tà, tó jẹ́ pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: òun ni olùṣàyẹ̀wò ọjà, ẹni tí àwọn oníbàárà, pàápàá àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn, ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó ná owó. Nínú gbogbo ìwé tó ń kọ, èyí tí àwọn òǹkàwé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù lọ ni èyí tó ní kí wọ́n dúró bí wọ́n ti wà. Wọ́n á ní ojo ló kọ ọ́. Lójú tèmi, òun ló ṣòro jù láti kọ.

Ìdúró yìí kì í kúkú ṣe àìṣe-nǹkan-kan. Ká ní oníbàárà kan ti pinnu pé nínú náírà 100 tí òun ní, 40 ni yóò wà nínú ìpín; bí ọjà bá fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, 40 yẹn ti di 54, gbogbo owó rẹ̀ ti di 114, ìpín sì ti gba bí ìdá 47 láìjẹ́ pé ó ra ẹyọ kan kún un. Ẹni tí a ní kó dúró bó ti wà yóò ta ìpín bíi náírà 8, kí ìwọ̀n tó ti pinnu tẹ́lẹ̀ lè padà bọ̀ sípò.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024. Òǹkà gbogbo ìpín, tó parí ọdún 2023 sí 74,773, kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì parí oṣù náà sí 101,154. Inú àwọn ènìyàn dùn, ariwo sì sọ. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, olùṣàyẹ̀wò tó bá mọṣẹ́ a sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé òǹkà náà gòkè. Bí ìpàdé ẹbí tí ohùn olówó ń bo ohùn ìyókù mọ́lẹ̀ ni òǹkà yìí ṣe rí, nítorí bí ilé-iṣẹ́ bá ti tóbi tó ni agbára rẹ̀ nínú òǹkà ti pọ̀ tó. Iye ìpín Símẹ́ǹtì Dáńgótè ju ìlọ́po méjì lọ nínú oṣù kan ṣoṣo yẹn, òun nìkan ló sì mú nǹkan bí ìdajì gbogbo owó tó wọ iye ọjà wá. Bẹ́ẹ̀ ìpín rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ aráàlú láti tà kéré, tí òǹrajà díẹ̀ fi lè gbé e sókè gan-an.

Ìbéèrè kejì ni ti owó tí a fi ń wọn èrè. Dọ́là kan, tó jẹ́ bíi náírà 907 ní òpin ọdún 2023 ní ọjà ìjọba, ti di bí 1,455 nígbà tí Ṣẹ́ẹ́rẹ́ parí. Ẹni tó bá fi dọ́là ṣírò yóò rí i pé òǹkà tí à ń jó lé lórí ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Náírà ló ṣubú. Apá kan ìgòkè náà jẹ́ ti àwọn tó ń sá kúrò nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé gbèsè ìjọba tí wọ́n ń pè ní tíréṣọ́rì bíìlì yọjú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Èrèlé, ti ọlọ́dún kan dé ìdá 19, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó san bíi náírà 81 yóò gba 100 nígbà tó bá pé. Ká ní a ra ìpín kan ní ìlọ́po mẹ́jọ èrè ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, èrè tó wà lẹ́yìn náírà 100 kò ju 12.50 lọ, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò pín. Kí ló dé tí olùṣàyẹ̀wò kò fi wá ní ká tà? Ọ̀wọ́ngógó oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ìdá 29.9, ẹni tó bá sì kó gbogbo owó rẹ̀ jáde sínú náírà lè rí i kó yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibí yìí la ti ń mọ ìwé tòótọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń bẹ̀rù oníbàárà: ìwé tòótọ́ a dárúkọ ohun tí yóò mú òun yí ọkàn padà. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá tún gbé èlé sókè, ìwọ̀n ìpín yóò dín. Bí náírà bá dúró, tí èrè àwọn báńkì sì wọlé dáradára, yóò pọ̀ sí i. Ìwé tí kò bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé láti 18.75 sí 22.75 nínú oṣù Èrèlé yẹn gan-an. Òǹkà náà rìn sókè rìn sódò, ó sì parí ọdún sí 102,926, èyí tí kò tó ìdá méjì lókè ibi tó wà ní òpin Ṣẹ́ẹ́rẹ́, yàtọ̀ sí èrè orí ìpín. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú ọjà náà pa rọ́rọ́: iye ìpín Símẹ́ǹtì Dáńgótè wálẹ̀ púpọ̀ láàárín ìgbà náà, nígbà tí ti Séplátì, tó ń wa epo rọ̀bì, ju ìlọ́po méjì lọ lọ́dún náà. Orí òǹkà lápapọ̀ ni olùṣàyẹ̀wò sọ̀rọ̀ lé. Ìpín wo ni ká mú, ìwé mìíràn ló ń sọ ìyẹn.