Ojú-ìwé Kan Tí Olùdarí Yóò Kà

Ìjábọ̀ lórí bí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ṣe fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè tuntun lè tó ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé. Ká má tanra wa, àkótán iwájú rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ olùdarí máa ń kà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ṣáájú.

Ẹ wo Kokakólà ní Íńdíà. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde ní 1977, nígbà tí ìjọba ní kó dín ìpín rẹ̀ kù. Ìgbà tó fi máa padà dé ní 1993, Tọ́mùsì Ọ́ọ̀pù, ọmọ ìlú, ti gba ọjà.

Àkótán tó dáa fún irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ìtàn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni yóò kọ́kọ́ sọ: kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i láti ra Tọ́mùsì Ọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Páàlì. Lẹ́yìn náà ni iye owó àti ìdí rẹ̀: àwọn tó ń rọ ọ́ sí ìgò ti wà káàkiri, kíkọ́ irú wọn látìbẹ̀rẹ̀ yóò sì pẹ́.

Ewu ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkótán ti ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kokakólà rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pa á tì, kí tirẹ̀ lè tà. Àwọn oníbàárà kọ̀, wọn ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó padà ń polówó ohun tó pa tì. Lọ́dún 2021, ọjà Tọ́mùsì Ọ́ọ̀pù tó bílíọ̀nù kan dọ́là.