Awẹ́ Ilẹ̀ Tí Ó Ya Kúrò Lára Wa

Ẹni tí ó bá ya àwòrán etí òkun Áfíríkà ti ìwọ̀-oòrùn sórí bébà, tí ó ya ti Bùràsíìlì sórí òmíràn, tí ó fi àlùmọ́gàjí gé méjèèjì, tí ó sì sún wọn mọ́ra, yóò rí i pé èjìká Bùràsíìlì wọ inú kọ̀rọ̀ tí òkun gbà láti ọ̀dọ̀ wa dé Kamẹrúùnù, bí ìgbà tí a bá dá awẹ́ obì padà sára èkejì rẹ̀. Ojú kọ́ ni ó ń tan olúwarẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 130 sẹ́yìn, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí à ń tẹ̀ lójoojúmọ́ tí a sì rò pé kì í mira, awẹ́ awẹ́ ni ó pín sí. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan nípọn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ó sì jókòó lórí àpáta mìíràn tí ooru ti mú rọ̀, tí ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ́. Nígbà tí awẹ́ tiwa àti ti Bùràsíìlì ń fa ara wọn ya, ilẹ̀ tí ó so wọ́n pọ̀ fẹ́lẹ́, ó rì, ó sán, omi òkun sì gba gúúsù wọlé. Láti ìgbà náà ni àpáta yíyọ́ ti ń jáde ní àárín agbami Àtìláńtíìkì, tí omi tútù ń sọ ọ́ di ilẹ̀ tuntun lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyí tí àpáta àárín òkun náà fi jẹ́ ọmọdé, tí èyí tí ó sún mọ́ èbúté wa sì jẹ́ àgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí awẹ́ méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 péré jìnnà síra lọ́dún, ní ọdún mílíọ̀nù 100 wọ́n ti jìnnà ní 3,000 kìlómítà, èyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí omi náà ti fún jù láàárín Áfíríkà àti Bùràsíìlì, omi kan náà tí ó gbé àwọn ènìyàn wa lọ sí Bàhíà.

Ṣùgbọ́n awẹ́ tí ó ń fi wá sílẹ̀ kò ṣàì ní ohun tí ó ń pàdé níwájú. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni awẹ́ Náásíkà wà, tí í ṣe apá kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì. Nítorí pé èyí wúwo jù, abẹ́ ni ó ń gbà wọlé, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 lọ́dún, tí ilẹ̀ òkè sì ń ká jọ bí ẹní tí a tì mọ́ ògiri. Ẹní tí ó ká jọ náà ni àwọn òkè Àńdéésì.

Wíwọlé yìí kì í lọ geere. Àpáta a máa há mọ́ àpáta fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó já lójijì. Àgbò tí ó fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ní ogúnjọ́ oṣù Èrèlé, ọdún 1835, ilẹ̀ mì ní Ṣílè nígbà tí Charles Darwin wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ó gbé Darwin wá, FitzRoy, rí àwọn ẹran oníkarahun ní erékùṣù Sáńtà Màríà tí wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ àpáta, tí wọ́n ti kú, tí wọ́n ń rùn, ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè ibi tí omi ń kún dé. Bẹ́ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ní láti mòòkùn kí wọ́n tó rí wọn mú. Kò sí ẹ̀rí tí ó wù mí tó èyí pé òkè ń dàgbà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí, ọdún 1960, ilẹ̀ Ṣílè kan náà tún já, ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà ní gígùn. Ìmìtìtì tí ó lágbára jù lọ tí ẹ̀rọ tíì wọ̀n rí ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, òkè oníná Kọ́dónì Káúlè tú iná jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbo tí àpáta ń gbora ni ó ń dá irú iná bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: omi, tí gbogbo wa mọ̀ sí apaná, ni ó wà nídìí rẹ̀. Awẹ́ tí ó ń rì gbé omi òkun pamọ́ sínú àpáta rẹ̀. Bí ó bá dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà nísàlẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ooru á fún omi náà jáde, á ru gòkè sínú àpáta gbígbóná tí ó wà lókè rẹ̀, ooru tí kò tó yọ́ àpáta náà tẹ́lẹ̀ á sì wá tó o.

Ìdí nìyí tí Akọnkágúà, ọba àwọn òkè Àńdéésì, tí ó ga ní mítà 6,961, kò fi ní iná nínú. Lábẹ́ rẹ̀, awẹ́ Náásíkà kò dorí kodò. Ńṣe ni ó tẹ́ lọ gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀ òkè, kò sì sí àyè fún àpáta gbígbóná láàárín wọn tí omi ìbá yọ́. Ilẹ̀ ń mì níbẹ̀, òkè sì ga ju ti ibikíbi lọ ní Àńdéésì, ṣùgbọ́n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, kò sí èéfín kankan.