Ilé tí ẹ ń fi fóònù darí: bí ẹ ṣe máa ti ojú ọ̀nà tó ṣí sí íńtánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá ní kámẹ́rà, gílóòbù, ìnfátà tàbí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó wà lórí wáì-fáì, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún.

Ní ọdún 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba kámẹ́rà àti ráútà káàkiri ayé. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó kó nǹkan bí 60 orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ máa ń bá jáde láti ilé iṣẹ́, irú bíi `admin` pẹ̀lú `admin`, ó sì ń dán wọn wò lára ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá ṣí sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ yẹn kọlu Dyn, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ìkànnì bójú tó orúkọ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ò sì lè ṣí Twitter tàbí Netflix. Àwọn tó ni kámẹ́rà ò fura, torí kámẹ́rà wọn ṣì ń gbé àwòrán wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ráútà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó ní kámẹ́rà mẹ́rin, àpótí tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀, ìnfátà, àti ẹ̀rọ olùdarí tó ń lo Home Assistant. Baálé ilé fẹ́ máa wo ilé láti ibi iṣẹ́, ni ẹni tó bá wọn so ẹ̀rọ bá ṣí ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú ráútà, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ohun tí baálé ilé lè fi rí ilé rẹ̀ láti òkèèrè, àjèjì náà lè fi rí i.

Ẹ wọ inú ráútà láti ilé, ní `192.168.1.1` tàbí `192.168.0.1`. Àdírẹ́sì tòótọ́ sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá `Port Forwarding` tàbí `Virtual Server`. Bí ẹ bá rí ìlà tó ní `8123`, èyí tí Home Assistant ń lò, tàbí ìlà tó tọ́ka sí àpótí kámẹ́rà, ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa `UPnP`, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ pa `Remote Management` pẹ̀lú.

Báwo wá ni baálé ilé á ṣe máa wo ilé? Ó lè lo áàpù ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà, kó fún àkáǹtì náà ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó sì tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì. Èyí tó wù wá jù ni WireGuard. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni WireGuard ń lò, kì í sì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lóhùn rárá.

Páásíwọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹyọ kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn yí ti wáì-fáì padà, wọ́n rò pé ó parí. Èyí tí a fi ń wọ inú ráútà yàtọ̀ sí i. Ti àpótí kámẹ́rà yàtọ̀, kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan sì lè ní tirẹ̀. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára mu pọ̀, kí ti ẹ̀rọ kan má jọ ti òmíràn. Ẹ lè kọ wọ́n sínú ìwé kan nínú ilé; olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka páásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ léèwọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti tà ṣáájú ṣì wà lọ́jà. Ẹ tẹ ihò `Reset` kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ̀rọ kan ò bá gbà kí ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ẹ má so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti wọlé, ẹ yọ íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ráútà ná. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kí ẹ tó dá íńtánẹ́ẹ̀tì padà. Pípa ẹ̀rọ máa ń lé Mirai lọ, àmọ́ bí páásíwọ́ọ̀dù bá ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, ó lè padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wáì-fáì àlejò

Ẹ tan `Guest Network`, kí ẹ kó gílóòbù, ìnfátà àti kámẹ́rà aláìlówáyà síbẹ̀, kí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín wà lórí wáì-fáì ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gba gílóòbù, wọn ò ní ti ibẹ̀ dé ibi tí ìwé báǹkì yín wà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fóònù lè má rí gílóòbù mọ́. Ẹ gbé fóònù sórí ti àlejò fúngbà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ẹ̀rọ olùdarí gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń darí wà. Bí kò bá tíì rí wọn, ẹ wò bóyá `AP Isolation` wà ní títàn, kí ẹ pa á. Kámẹ́rà oníwáyà kò ṣeé kó lọ báyìí. Bí wáì-fáì àlejò bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fún. Kí àlejò gidi lo dátà rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tì

Nílé, lórí wáì-fáì, ẹ wá `what is my ip`, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ pa wáì-fáì fóònù, kí ẹ lo dátà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà pẹ̀lú `:8123` lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú ewé ìwọlé bá jáde, ojú ọ̀nà ṣì wà ní ṣíṣí: ẹ padà sínú ráútà lónìí.