Igbá Ọjà Kò Gbọdọ̀ Pamọ́ Nínú Àwòrán

Láti kékeré ni a ti mọ ìpolówó ọjà. Bí ẹlẹ́kọ bá ń kiri, tí ó ń yin ẹ̀kọ rẹ̀ ní àdúgbò, kò sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́, nítorí pé igbá ọjà wà lórí rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ wa ní Bowie, ní Lanham àti ní Hyattsville ń polówó ọjà ọlọ́jà lórí Instagram, ṣùgbọ́n igbá kò hàn lórí wọn mọ́. Ẹni tí ó ń wò wọ́n lè rò pé ọ̀rẹ́ lásán ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nítòsí wa ní Washington, fi ní kí ẹni tí ó bá gba owó tàbí ẹ̀bùn, tàbí tí ó bá bá olọ́jà tan, sọ ọ́ kedere. Kì í ṣe sísọ ọ́ nìkan ni ó ṣe pàtàkì, ibi tí a sọ ọ́ sí pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2020, àjọ yìí pe Teami, ilé iṣẹ́ tíì kan ní ìpínlẹ̀ Florida, lẹ́jọ́. Lára ẹ̀sùn náà ni pé bí àwọn gbajúmọ̀ tí ó sanwó fún tilẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n gba owó, ìsàlẹ̀ ni àwọn kan kọ ọ́ sí, níbi tí ènìyàn kò ti lè rí i àfi bí ó bá tẹ `more`. Àjọ náà kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí gbajúmọ̀ 10, tí olórin nì, Cardi B, wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan fún ọmọbìnrin yín ní dọ́là 150 àti àpò èlùbọ́ kan, kí ó fi àwòrán mẹ́fà tí a tò tẹ̀ léra, tí a ń fi ìka ṣí bí ojú ìwé, kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń ro àmàlà. Ó ya àwòrán náà dáadáa. Lábẹ́ wọn ó kọ ìtàn gígùn nípa ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì fi `#ad` parí rẹ̀. Àṣìṣe Teami gan-an ni ó tún ṣe yìí, nítorí pé ìlà kan tàbí méjì péré ni ó máa ń hàn kí `more` tó gé ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nìyí. Lókè àwòrán kìíní, kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà tí ó tóbi tó ti àkọlé pé, "Ìpolówó: ṣọ́ọ̀bù yìí ni ó sanwó fún mi." Kí ó tún un kọ sórí àwòrán tí àpò èlùbọ́ àti iye owó rẹ̀ wà, nítorí pé nígbà mìíràn Instagram máa ń fi àwòrán kejì han ẹni tí kò ṣí ti àkọ́kọ́ kọjá. Kí ó sì lo àmì `Paid partnership` pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọkàn tán an pé ó tó.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, àwọn ọmọ wa a máa tijú, wọn a sì kọ "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bu omi fún un mu, ọpẹ́ nìkan kò sọ pé owó wọlé. Kí ìlà kìíní sọ ẹni tí ó sanwó, ohun tí ó fún un, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: "Ìpolówó ni èyí. Ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi ní owó àti àpò èlùbọ́ kan. Mo rò ó, mo jẹ ẹ́, ohun tí mo rí nìyí." Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá gba owó, tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó kọ ọ́ pé, "Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni." Bí kò bá sì tíì jẹ èlùbọ́ náà, kò gbọdọ̀ sọ pé òun jẹ ẹ́.

Àjọ náà tún ní kí èdè tí a fi polówó jẹ́ èdè tí a fi sọ pé a gbowó. Bí ó bá fi Yorùbá kọ́ni ní àmàlà, `#ad` kò ní yé ìyá àgbà tí ó ń ka Yorùbá nìkan. "Ìpolówó" yóò yé e.

Kí ó tó gbé e jáde, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi àwòrán kìíní nìkan han àgbàlagbà kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ṣé wọ́n sanwó fún ọmọ yìí?" Bí ó bá ní òun kò mọ̀, igbá náà ṣì wà ní ìpamọ́.